Ọmọ Gáà

Bí ẹ bá dàgbà ní ìhà Òkè-Ògùn, ẹ ti gbọ́ ọ rí: bí o láyà kí o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà kí o ṣòótọ́. Àwọn àgbà a máa fi bá ọmọ wí, tíṣà a máa fi kìlọ̀ fún ọmọ iléèwé tó bá fi ipá gba oúnjẹ ẹlòmíì. A gbọ́ ọ títí, kò wá jọ wá lójú mọ́. Àfi ìgbà tí fíìmù *House of Ga'a* jáde lórí Netflix ní oṣù Keje ọdún 2024, tí àwọn tó ní dátà ní Ìgànná wò ó, tí wọ́n fi sórí káàdì fún àwọn tí kò ní, tí gbogbo àdúgbò sì ń sọ̀rọ̀ Baṣọ̀run bí ẹni pé àná ló kú.

Mẹ́rin ni wá tí a máa ń jókòó papọ̀ wo fíìmù. Ọ̀kan nínú wa, ìyá-ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé ilé Baṣọ̀run ní Ọ̀yọ́-Ilé ni ìdílé àwọn ti ṣẹ̀, pé ogun ló tú àwọn ká. Ó ti sọ ọ́ fún wa tipẹ́, ẹnì kankan ò kà á sí. Lẹ́yìn fíìmù yẹn ni àwọn ọmọ àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "ọmọ Gáà." Ó kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan ó lọ gba aṣọ lọ́dọ̀ télọ̀, obìnrin kan tó jókòó síbẹ̀ bi í bóyá àwọn ṣì ń fi èèyàn rúbọ nílé àwọn. Ó dé ọ̀dọ̀ wa lálẹ́ ọjọ́ náà, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ṣé bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn?"

A ò mọ̀. Ohun tí a mọ̀ ni pé a fẹ́ràn fíìmù náà, àti pé Fẹ́mi Branch ṣe Gáà débi tí ojú rẹ̀ ń bà wá lẹ́rù. Ìyẹn ò dáhùn ìbéèrè rẹ̀. A bá pinnu pé a ó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Wàhálà àkọ́kọ́ ni lẹ́tà. Bí ẹ bá kọ *Ga'a* gẹ́gẹ́ bí Netflix ṣe kọ ọ́, fíìmù yẹn nìkan ló máa jáde, pẹ̀lú aṣọ tí àwọn òṣèré wọ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàfihàn rẹ̀. Bí ẹ bá kọ *Basorun Gaa*, ẹ ó rí eré Adébáyọ̀ Fálétí, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1972, àti fíìmù tí wọ́n fi ṣe kí ti Netflix tó dé. Bí ẹ bá sì fi *h* kan sí i, *Bashorun Gaha*, ilẹ̀kùn mìíràn ṣí: bí Samuel Johnson ṣe kọ orúkọ náà nìyẹn nínú ìwé ìtàn rẹ̀, àwọn òpìtàn tó tẹ̀lé e sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé Johnson wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí archive.org nítorí ó ti pẹ́. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló wà láàárín ẹni tó ń wo fíìmù àti ẹni tó ń ka ìtàn, a sì lo ọ̀sẹ̀ méjì kí a tó mọ̀.

A kọ́kọ́ fi ojú yẹ fíìmù náà wò, nítorí ìyẹn ló rọrùn jù, ó sì dùn ún ṣe. Òfin rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: wá ọdún tí ìtàn náà ṣẹlẹ̀, kí o sì máa bi ohun gbogbo tó wà lójú ìran pé, "Ìwọ, ìgbà wo lo dé ilẹ̀ yìí?" Ọdún 1774 ni àwọn òpìtàn fi ìṣubú Gáà sí (a ó padà sórí bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n). Nítorí náà, ohunkóhun tó bá dé lẹ́yìn 1774 kò níṣẹ́ ṣe nínú ilé Baṣọ̀run.

Gbogbo wa ti múra láti lé àgbàdo jáde. A ti gbọ́ níléèwé pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, a sì rò pé ẹnikẹ́ni tó bá gbé ẹ̀kọ síwájú Aláàfin àtijọ́ ti ṣàṣìṣe. Àwa la ṣàṣìṣe. Àgbàdo ti wà nílẹ̀ Yorùbá tipẹ́ kí Gáà tó di Baṣọ̀run, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà lára ìkòkò. Àwọn amọ̀kòkò a máa yí ṣúkù àgbàdo lára amọ̀ tútù kí ó lè ní ọnà, ojú ṣúkù náà á sì tẹ̀ síbẹ̀ títí láé. Àwọn tó ń wa ilẹ̀ wá ohun àtijọ́ máa ń fi mọ ọjọ́ orí: bí àpáàdì kan bá ní ojú ṣúkù àgbàdo, kò lè ṣáájú nǹkan bí ọdún 1500 sí 1600. Ẹ̀kọ nílé Gáà kò burú rárá. Gàrí ni kí ẹ fura sí, nítorí sáà ọdún 1800 ni ṣíṣe gàrí tó tàn ká ìlú inú ilẹ̀. Páànù, abọ́ tánńganran àti áńkárá, ìwọ̀nyí ò nílò àròjinlẹ̀.

Ìbọn ni ó tún dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Ọ̀kan ní níwọ̀n ìgbà tí àwọn òyìnbó ti wà ní etí òkun, ìbọn á ti wà nílẹ̀ Ọ̀yọ́ náà. Ó ní í ṣe pẹ̀lú ilẹ̀. Àwọn ará Dàhómì tó súnmọ́ òkun ló ń fi ìbọn jà. Ọ̀yọ́ wà lókè, ní ilẹ̀ ọ̀dàn bíi tiwa níbí, níbi tí kòkòrò tó ń pa ẹṣin kò ti pọ̀ bíi ti inú igbó, ẹṣin tí wọ́n ń rà láti òkè Ọya sì ni agbára wọn. Ẹṣin, ọfà, ọ̀kọ̀ àti idà. Nígbà tí òyìnbó Clapperton dé Ọ̀yọ́-Ilé ní oṣù kìíní ọdún 1826, ó ju àádọ́ta ọdún lọ lẹ́yìn Gáà, ọrun àti ọfà ló ṣì bá lọ́wọ́ ọmọ ogun ibẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá wo fíìmù lórí Ọ̀yọ́-Ilé tí ogun rẹ̀ ò ní ẹṣin tó pọ̀, owó ló tán lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe ìtàn ló sọ bẹ́ẹ̀.

Clapperton yìí wúlò fún wa gan-an, nítorí ó fi ojú rẹ̀ rí ìlú náà kí ó tó dahoro. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé odi amọ̀ tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà ogún ló yí ìlú ká, pẹ̀lú yàrà gbígbẹ, pé ẹnubodè mẹ́wàá ló ní, pé koríko ni wọ́n fi bo ilé, àti pé wọ́n gbẹ́ ère sára òpó ilé ọba àti ti àwọn ìjòyè. Àwa tí a ń rí koríko bẹẹrẹ lọ́nà oko, a mọ irú òrùlé tó ń sọ. Bí ẹ bá fẹ́ yẹ ààfin inú fíìmù kan wò, ẹ wo òpó àti òrùlé rẹ̀ kí ẹ tó wo ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọba.

Kí n má gbàgbé, ohun kan wà nínú ìwé ọkùnrin yẹn tó pa wá lẹ́rìn-ín. Aláàfin ní kí wọ́n ṣeré fún un. Àwọn òṣèré eégún jáde, wọ́n jó nínú àpò, wọ́n gbé erè jáde, ní ìparí ọ̀kan bọ́ síta tí ara rẹ̀ funfun balau, ó ń gbọ̀n bíi ẹni tí òtútù mú, ó ń fín áṣáà, ó ń rìn bí ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀. Òyìnbó ni! Àwọn èèyàn pariwo, wọ́n ń wo ojú Clapperton bóyá ó jọ ọ́. Nítorí náà kì í ṣe àwa la bẹ̀rẹ̀ àṣà kí á máa wo eré kí á sì máa bèèrè pé ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ọ̀rẹ́ wa wò wá, ó ní, "Ẹ ti yẹ òrùlé wò. Ẹ ti yẹ ẹ̀kọ wò. Ṣé ìkà ni bàbá náà àbí kì í ṣe ìkà?"

Òótọ́ ni. Fíìmù kan lè jẹ́ olóòótọ́ láti orí òpó títí dé orí ìkòkò, kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣì jẹ́ irọ́. A padà sọ́dọ̀ Johnson.

Ohun tó kọ́kọ́ hàn ni pé fíìmù náà kò sá fún Johnson. Ọba márùn-ún ni Johnson kà sábẹ́ Gáà. Lábísí ò lò ju ọjọ́ mẹ́tàdínlógún lọ, wọn ò tilẹ̀ tíì dé e ládé. Awọnbíojú lo àádóje ọjọ́. Ó kọ̀ láti dọ̀bálẹ̀ fún Baṣọ̀run, ìyẹn ló sì pa á. Lẹ́yìn wọn ni Agbólúajé, lẹ́yìn náà Májẹ̀ógbé, kí ó tó kan Abíọ́dún, ẹni tó ń fi ìrẹ̀lẹ̀ kí Gáà láràárọ̀, tó wá yọ́ jáde lóru láti lọ bá àwọn olórí ìgbèríko àti Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò Ọ̀yábì dìtẹ̀. Àwọn ọmọ Gáà wà káàkiri ìlú, àwọn ni wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀ tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ Aláàfin. Lọ́jọ́ kan náà ni wọ́n dìde sí wọn níbi gbogbo. Egungun fíìmù náà nìyẹn.

Ibi tó ti yàtọ̀ ni àkókò. Nínú fíìmù, ọba ń tẹ̀lé ọba bí ẹni ń ṣí ojú ìwé, wákàtí méjì ni gbogbo rẹ̀. Nínú ìtàn, ó tó nǹkan bí ogún ọdún, láti nǹkan bí 1754 sí 1774, ìjọba Agbólúajé sì gùn, ó sì tòrò kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́. Ogún ọdún kì í ṣe kékeré. Ẹnì kan ò lè fi ẹ̀rù nìkan jókòó lórí ìlú ńlá fún ogún ọdún. Johnson fúnra rẹ̀ sọ ìdí rẹ̀, nínú gbólóhùn kan tí a kà lẹ́ẹ̀mejì nítorí a ò retí rẹ̀: ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn tẹ̀lé Gáà nítorí pé abẹ́ rẹ̀ ni ọkàn wọn ti balẹ̀, nítorí ìkà àti agbára àìlódiwọ̀n àwọn ọba. Ẹ gbọ́ o. Ìwé tó sọ ọ́ di ọ̀dájú náà ló sọ pé àwọn èèyàn sá di í.

Gbólóhùn yẹn ò sí nínú òwe tí tíṣà fi ń bá wa wí, kò sì ní ibùjókòó nínú fíìmù.

Ọ̀kan nínú wa wá bèèrè ohun tó yí gbogbo rẹ̀ padà. Ó ní, "Ta ló sọ fún Johnson?" Pásítọ̀ ni Johnson ní Ọ̀yọ́, Ọ̀yọ́ tuntun tí Àtìbà tẹ̀ dó, kì í ṣe Ọ̀yọ́-Ilé. Ọdún 1897 ló parí ìwé rẹ̀, ó ju ọgọ́fà ọdún lọ lẹ́yìn ikú Gáà. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó, ó sọnù síbẹ̀. Òun náà kú ní 1901, Obadiah àbúrò rẹ̀ ló tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tó kù, ó sì jáde ní 1921. Ẹnu àwọn arọ́kin ààfin ló ti gbọ́ ìtàn àwọn Aláàfin. Arọ́kin, ta ló ń bọ́ wọn? Aláàfin. Àtìbà tó tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó, ọmọ ta ni? Ọmọ Abíọ́dún.

A dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. A ti rò pé ẹlẹ́rìí mẹ́ta la ní: fíìmù, Fálétí àti Johnson, tí ọ̀rọ̀ wọn sì bára mu. Ẹlẹ́rìí kan ni wọ́n. Fíìmù tẹ̀lé ọ̀nà tí Fálétí ti là, ìtàn tí Fálétí gbé sórí ìtàgé ni ìtàn Ọ̀yọ́ tí Johnson kọ sílẹ̀, Johnson sì gbọ́ ọ lẹ́nu ilé tó ṣẹ́gun. Bí mẹ́ta bá sọ ọ̀rọ̀ kan náà, tí wọ́n sì gbọ́ ọ láti ẹnu kan, ẹnu kan náà ló ṣì jẹ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀ Àgbọ̀nyín, ọmọbìnrin Abíọ́dún, tí Gáà fi rúbọ nítorí orúkọ rẹ̀ àti ti ẹran àgbọ̀nrín jọra. Ó dùn, ó sì dunni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ikú ènìyàn bá rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tí a fi orúkọ dá, a máa ń fura pé ọwọ́ alálọ̀ọ́ ti kàn án. A ò sọ pé irọ́ ni. A ní kí a má gbé ẹ̀sùn ìdílé kan lé e lórí.

Ẹlẹ́rìí kejì la wá ń wá, ẹni tí kò jẹun ní ààfin. A rí i níbi tí a ò rò.

Dàhómì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́ nígbà yẹn, nítorí náà ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ á dé etí àwọn oníṣòwò ẹrú ní Wídà, ní etí òkun orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ òde òní. Archibald Dalzel ti ṣe olórí ilé-odi àwọn Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ rí, ó sì tẹ ìwé ìtàn Dàhómì jáde ní 1793. Òwò ẹrú lòun náà ń ṣe, nítorí náà a ò pè é ní olóòótọ́ èèyàn. Ṣùgbọ́n kò ní ìdí tó fi máa gbè lẹ́yìn Abíọ́dún tàbí Gáà. Ó kọ ọ́ pé ní 1774, àwọn ìjòyè Ọ̀yọ́ gbé ẹyin ayékòótọ́ fún ọba wọn, pé àwọn rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́, kí ó lọ sùn díẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó mọ ìṣe Ọ̀yọ́ mọ ohun tí oorun yẹn jẹ́. Ọba yìí kọ̀. Ó ní òun ò tíì fẹ́ sùn, òun fẹ́ máa ṣọ́ àwọn ènìyàn òun. Ogun bẹ́, àwọn ìjòyè sì ṣubú.

Dalzel ò dárúkọ Gáà. Ó pe olórí wọn ní *Ochenoo*, a sì fẹ́ sọ ìwé náà sílẹ̀ pé ẹlòmíì ló ń wí. Robin Law, òpìtàn tó kọ ìwé lórí ilẹ̀ ọba Ọ̀yọ́ ní 1977, ló fi hàn pé Ọ̀ṣọ̀run ni etí òyìnbó gbọ́ bẹ́ẹ̀, ìyẹn oyè Baṣọ̀run gan-an. Ẹ pè é sókè lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó gbọ́ ọ. Ibẹ̀ ni ọdún 1774 ti wá. Arọ́kin ò ka ọdún, òyìnbó tó ń ta ènìyàn ló kà á.

Nítorí náà Gáà wà, ó ṣubú, ọba ló ṣẹ́gun rẹ̀. Ẹlẹ́rìí méjì tí wọn ò mọra wọn ló sọ ọ́. Fíìmù jàre níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n Dalzel fi ohun kan sí i. Ó ní wọn ò dá ìdílé Ochenoo sí, pé wọ́n la inú àwọn aboyún wọn kí irú-ọmọ rẹ̀ má bàa ṣẹ́kù. Ọ̀kan nínú wa ló ń kà á sókè láti orí fóònù. Ó kà á dé ibẹ̀, ó dúró. Ọ̀rẹ́ wa ní kó kà á tán.

Wọ́n ṣèkà nílé Gáà, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ "rántí ikú Gáà" fún wa ní iléèwé, ikú ẹnì kan ṣoṣo ló ní lọ́kàn. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé oyún inú wà nínú ikú náà.

A tún fíìmù náà wò lẹ́ẹ̀kejì, nílé ìyá-ìyá ọ̀rẹ́ wa. A gbé fóònù ti ife, a jókòó yí ìyá ká. Ní àkókò yìí ni a tó rí ohun kan tí a ti kà sí àléébù nígbà àkọ́kọ́. Ojú Oyèmẹkún, ọmọ Gáà, ni fíìmù náà fi ń wo ìtàn, òun ló ń sọ ọ́, òun ló fẹ́ràn Àgbọ̀nyín. A ti kọ ọ́ sínú ìwé wa pé "àròsọ, ìfẹ́ òde òní." A ò yí èrò wa padà lórí ìfẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni ẹ wò: nínú gbogbo ìwé tí a kà, kò sí èyí tí ọmọ Gáà ti lanu. Ìwé arọ́kin kò lè fún un lẹ́nu. Ibi tí Bọ́láńlé Austen-Peters ti kúrò lọ́nà Johnson jù lọ ni ibi tó ti súnmọ́ ìbéèrè ọ̀rẹ́ wa jù lọ.

Ọmọ kan sì là lóòótọ́. Johnson dárúkọ rẹ̀: Òjó Agúnbámbárù, tó sá lọ sí ilẹ̀ Ìbàrìbá lọ́jọ́ tí wọ́n ń pa àwọn arákùnrin rẹ̀, tó sì padà lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pẹ̀lú ọmọ ogun láti wá gba oyè bàbá rẹ̀. Ogun náà ò ṣẹnuure fún un. Ilẹ̀ Ìbàrìbá ò jìnnà sí wa níbí. Ẹ gba ọ̀nà Ṣakí, ẹ ó máa gbọ́ èdè wọn lọ́jà.

A sọ èyí fún ìyá. A bi í bóyá ilé àwọn gbọ́ orúkọ Òjó yẹn rí. Ìyá ní òun ò gbọ́. Ó ní ohun tí àwọn àgbà ilé àwọn sọ fún òun ò ju pé kí òun má bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ọ̀rọ̀ náà níta lọ. Ó wá na ọwọ́ sí fóònù, Oyèmẹkún ló wà lójú rẹ̀, ó ní kí a dá a padà síbẹ̀, òun ò gbọ́ ohun tí ọmọ yẹn sọ.